Nọ́ńbà Ni Kí Olùtọ́jú Ilé Máa Fi Jábọ̀

*"Ẹ jọ̀wọ́, mo fẹ́ gba olùtọ́jú sí ilé wa tó ní fúláàtì mẹ́jọ. Inú ọgbà náà ni yóò máa sùn. Báwo ni kí n ṣe to iṣẹ́ rẹ̀, àkókò rẹ̀, owó rẹ̀ àti bí yóò ṣe máa jábọ̀ fún mi?"*

Ìjábọ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ tò, torí ibẹ̀ ni èmi ti ṣìṣe. Fún bí ọdún kan gbáko, ohun tí ẹni tí mo gbà ń kọ ránṣẹ́ sí mi láràárọ̀ ni "Kò síṣòro, sà." Kò purọ́ fún mi. Ó ń gbálẹ̀, ó ń kó ìdọ̀tí dànù, kò sì sẹ́ni tó ráhùn. Àmọ́ owó omi ń gòkè lóṣooṣù, àwọn ayálégbé sì ti ń fojú olè wò mí.

Nígbà tó yá, mo ní kó máa ka mítà omi láago mẹ́wàá alẹ́ àti láago márùn-ún ìdájí, kó sì kọ nọ́ńbà méjèèjì ránṣẹ́. Lóru ọjọ́ kìíní, lítà 900 ni mítà fi lé sí i. Bí èèyàn bá ṣan ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, omi tó ń lọ kì í sábà ju lítà 6 sí 9 lọ. Ta ló wá ṣan án nígbà ọgọ́rùn-ún lójú oorun? A da aró díẹ̀ sínú táńkì ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, a sì ní kí ẹnikẹ́ni má ṣàn án fún ìdajì wákàtí. Ní fúláàtì mẹ́ta, omi aláró ti dé inú àwo kí àkókò tó pé. Róbà tó ń dí ìdí táńkì ló ti gbó. A pààrọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, òru ọjọ́ kejì sì jẹ́ lítà 60 péré. (Ní ilé tiwa, omi ń ti mítà lọ sí ẹnu ẹ̀rọ tààrà. Bí ẹ bá ní táńkì lórí òrùlé, ẹ pa pọ́ǹpù, kó wọn bí omi inú táńkì ṣe ga tó lálẹ́ àti nídàájí.)

Láti ọjọ́ yẹn, mi ò kọ "kó máa tọ́jú ilé" sínú ìwé àdéhùn mọ́. Ohun tí ojú lè rí, pẹ̀lú ọjọ́ tí yóò ṣe é, ni mo ń kọ: kó fọ àtẹ̀gùn lọ́jọ́ Ajé àti Ọjọ́bọ̀, kó kó ewé kúrò lójú gọ́tà lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, kó tan gbogbo gílóòbù ìta wò ní ìrọ̀lẹ́.

Ti àkókò le díẹ̀, torí pé ẹni tó ń sùn síbẹ̀ ni. Àwọn ayálégbé yóò máa kanlẹ̀kùn rẹ̀ láago mọ́kànlá alẹ́ pé kó wá bá àwọn gbé àpótí. Tèmi, aago mẹ́fà sí mẹ́wàá àárọ̀, aago mẹ́rin sí mẹ́jọ ìrọ̀lẹ́, àti odindi ọjọ́ kan ìsinmi lọ́sẹ̀. Ohun tó lè jí i kúrò lójú oorun kò ju mẹ́ta lọ: iná tàbí èéfín, omi tó ń ya, ẹni tó fẹ́ já wọlé. Mo kọ ọ́, mo sì fún ayálégbé kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀dà kan. Ọwọ́ èmi nìkan ló ti ń gbàṣẹ.

Ní ti owó, ẹ kọ́kọ́ wo ohun tí òfin iṣẹ́ ibi tí ẹ wà sọ nípa owó oṣù tó kéré jù, àti bóyá ẹ lè yọ owó yàrá kúrò níbẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ya owó oṣù rẹ̀ sọ́tọ̀ pátápátá sí owó ìnáwó ilé. Èmi kò yà á. Ó ń fi owó ara rẹ̀ ra gílóòbù àti ọṣẹ, èmi a sì san án padà nígbà tí mo bá rántí. Díẹ̀díẹ̀ ló ṣíwọ́ sísọ àwọn ohun tó bà jẹ́ fún mi, torí pé gbogbo ohun tó bá sọ di gbèsè sí i lọ́rùn. Ó dùn mí gan-an nígbà tó yé mi. Nísinsìnyí, owó kan wà lọ́wọ́ rẹ̀ tí kò yí padà. Bó bá fi rìsíìtì hàn mí lọ́jọ́ Ẹtì, màá fi iye tó ná kún un.

Ìjábọ̀ rẹ̀ kì í ju ìlà mẹ́ta lọ láràárọ̀:

"Mítà alẹ́ 4182.30, ìdájí 4182.36. Gílóòbù àtẹ̀gùn kejì ti kú, mo ti pààrọ̀ rẹ̀. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn kò tì dáadáa, mo fi fọ́tò ránṣẹ́."

Kí ilẹ̀ tó ṣú ni mo máa ń dá a lóhùn, kódà bí ohun tí mo ní kò ju "Mo ti rí i, káfíńtà ń bọ̀ lọ́la." Ìgbà kan wà tí mi ò dáhùn fún ọ̀sẹ̀ méjì, kò sì pẹ́ tí "Kò síṣòro, sà" fi padà.