Ẹ̀lúlùú ẹ̀yìnkùlé mi ní Kétu

*"Bàbá Olùkọ́, ẹ jọ̀ọ́, mo gbé áàpù Merlin tó ń báni dá ẹyẹ mọ̀ sórí fóònù mi. Mo rí ẹyẹ ńlá kan nínú igbó ẹ̀yìn ilé wa ní Kétu níbí. Mo dáhùn gbogbo ohun tí áàpù bi mí, ó wá to ẹyẹ rẹpẹtẹ síwájú mi. Báwo ni mo ṣe máa mọ èyí tó jẹ́ tèmi?"*

Ọmọ mi, nígbà tí mo fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, ará ilé kò gbádùn mi mọ́, torí mo ti ń pe orúkọ wọn láràárọ̀ bíi pé a wà ní kíláàsì. Ọmọ-ọmọ mi ló gbé áàpù yẹn sórí fóònù mi kí n lè rí ẹlòmíràn máa pè lórúkọ. Ẹyẹ àkọ́kọ́ tó fún mi níṣẹ́ ṣe náà tóbi, inú koríko ẹ̀yìnkùlé ló sì ń rìn sí.

Kọ́kọ́ wò ó bóyá àkójọ ẹyẹ tó ní Bẹ̀nẹ̀ nínú ló wà lórí fóònù rẹ. Ibi tí wáífáì wà ni kó o ti gbà á, torí ó tóbi. Tó bá ti wọlé, o lè gbé e lọ sí oko tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò dé, yóò máa ṣiṣẹ́.

Nínú ìbéèrè rẹ̀, ìtóbi ló máa ń da èèyàn láàmú. Ẹyẹ mẹ́rin ló fi ń díwọ̀n, ọ̀kan nínú wọn kò sì sí ní Kétu rárá. Àdàbà ni mo fi rọ́pò ìyẹn. Èyí tó tẹ̀ lé e jẹ́ ìbátan kannakánná, ìyẹn kò ṣòro. Ẹyẹ tèmi ju àdàbà lọ, kò tó kannakánná, àárín àwọn méjèèjì ni mo tẹ̀. Ní ti àwọ̀, mẹ́ta péré ló gbà. Má ṣe mú dúdú nìkan nítorí pé orí rẹ̀ dúdú. Èyí tó wà ní ẹ̀yìn àti apá rẹ̀ ló ń ya ẹyẹ sọ́tọ̀: pupa rẹ́súrẹ́sú bíi ti ilẹ̀ wa. Mo mú dúdú, funfun àti pupa yẹn, orúkọ tó kù sì dín kù gan-an.

Ìyàwó mi yọjú láti ìdí àdògán, ó ní, "Bàbá, ṣé ẹ̀lúlùú lẹ ń fi fóònù wá?" Òótọ́ ló sọ. Ṣùgbọ́n áàpù fi ẹyẹ méjì hàn mí tí ìrísí wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ jọra: Coucal du Sénégal (Centropus senegalensis) àti Coucal à nuque bleue (Centropus monachus). Ibẹ̀ gan-an niṣẹ́ wà.

Ibùgbé ni kó o kọ́kọ́ wò. Èkejì yẹn fẹ́ràn àbàtà, esùsú àti etí odò, bíi ti apá odò Wẹ́mẹ̀. Èkíní ló ń gbé inú oko, koríko gbígbẹ àti ẹ̀yìnkùlé. Lẹ́yìn náà, wo ẹ̀yìn ọrùn: ti èkejì ń dán ní aró, ara rẹ̀ sì tóbi díẹ̀ jù. Tó o bá rí i tí ẹ̀yìn rẹ̀ ní ilà wínníwínní, má tètè yí orúkọ padà, ọmọ Coucal du Sénégal máa ń rí bẹ́ẹ̀. Ohùn kò lè dá ẹjọ́ yìí fún ọ. Àwọn méjèèjì ló ń dún hú-hú-hú, tó ń rọlẹ̀ bí omi tó ń jáde lẹ́nu kèrègbè.

Fọ́tò náà ṣòro, torí abẹ́ koríko ló ń gbà. Òwúrọ̀ ọjọ́ kejì òjò ni kó o dúró dè é. Àwọn àgbà ní ẹ̀lúlùú tó ní kí òjò máa rọ̀, ara rẹ̀ ni yóò tutù, ohun tí mo sì fojú rí nìyẹn: ó gun orí igi kúkúrú, ó na apá méjèèjì, ó ń yá oòrùn. Ó dúró pẹ́ tó fún mi láti wo ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ dáadáa. Kò sí aró tó ń dán níbẹ̀, ẹ̀yìnkùlé wa kò sì ní àbàtà. Coucal du Sénégal ni.

Tó o bá fẹ́ fi ohun tó o rí ránṣẹ́ sí eBird, ìkànnì tí àwọn èèyàn ti ń kọ ẹyẹ tí wọ́n rí sílẹ̀, àkáǹtì kan náà tó o fi ń lo Merlin ló ń ṣí i. Yóò béèrè àkókò tó o bẹ̀rẹ̀, bó o ṣe pẹ́ tó, àti bó o ṣe rìn jìnnà tó. Bí ẹyẹ kan bá ṣàjèjì sí àdúgbò, wọ́n lè ní kó o ṣàlàyé bó o ṣe dá a mọ̀. Bí ọrùn rẹ̀ kò bá hàn sí ọ, kọ Centropus sp., ìyẹn ẹ̀lúlùú tí a kò mọ irú èyí tó jẹ́ gan-an, wọ́n gbà á. Ní ìparí, yóò béèrè bóyá gbogbo ẹyẹ tó o dá mọ̀ lo kọ. Bó o bá fo lékeléke nítorí pé ojoojúmọ́ lò ń rí i, "Bẹ́ẹ̀ kọ́" ni kó o fi dáhùn.