Dándírọ́ọ̀fù ni, àbí orí ló gbẹ?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, dókítà. Bí mo bá ti tú irun báyìí, funfun á máa já sí mi léjìká, orí á sì máa yún mi. Onídìrí mi ní orí mi ló gbẹ, ni mo bá ń fi àdín pa á lálaalẹ́. Á rọlẹ̀ díẹ̀, á tún padà. Kí ni kí n ṣe? (Aránṣọ kan, Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì)

Ìdáhùn: Ẹ̀gbọ́n, ẹ dá àdín dúró ná. Ńṣe ló ń lẹ ìpẹ́ náà mọ́ awọ orí, tó fi ń dà bíi pé ó ti lọ.

Ẹ fọ orí, ẹ má fi nǹkan kan pa á fún ọjọ́ méjì. Lẹ́yìn náà, ẹ la irun sọ́nà, kí ẹ fi ìdí ìyarun ha awọ orí jẹ́jẹ́ sórí aṣọ dúdú. Ẹ̀yin aránṣọ kò ní wá àjákù aṣọ dúdú tì! Bí orí bá gbẹ lásán, ohun tó máa já á kéré, á funfun, á sì lẹ́bú bí ìyẹ̀fun. Ẹ fẹ́ atẹ́gùn sí i, á fò lọ. Ti dándírọ́ọ̀fù máa ń fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, á pọ́n rúsúrúsú díẹ̀, bí ẹ bá sì fi ìka tẹ̀ ẹ́, á lẹ̀ mọ́ ọn, á máa yọ̀.

Méjèèjì ló ń yún èèyàn. Àmọ́ orí tó gbẹ a máa fún, apá àti ojúgun náà á sì máa hó. Bí ẹ bá fi òróró díẹ̀ pa á, ara á tù ú. Ìyún dándírọ́ọ̀fù kì í gbọ́ ti òróró. Ẹ wo ẹ̀yìn etí, ìpéǹpéjú àti ẹ̀gbẹ́ imú yín pẹ̀lú: bí ìpẹ́ bá wà níbẹ̀, tàbí tí etí irun bá ní àbàwọ́n tó mọ́lẹ̀ ju awọ yín lọ, dándírọ́ọ̀fù ni. Ẹ má wo ti ọyẹ́ nìkan, torí méjèèjì ló ń le sí i nígbà ọyẹ́.

Pẹ̀lú ohun tí ẹ sọ, dándírọ́ọ̀fù ni mo fura sí. Kì í ṣe ìdọ̀tí. Olú tíntín kan tó ń gbé orí gbogbo wa ló ń jẹ ọ̀rá awọ orí, ohun tó sì ń ṣẹ́kù lẹ́yìn rẹ̀ ló ń ta awọ ẹlòmíràn. Àdín yẹn, oúnjẹ lẹ ń gbé fún un.

Bí àyẹ̀wò yín bá bá ti dándírọ́ọ̀fù mu, ẹ ra ṣampú kẹtokonasóòlù 2% lọ́dọ̀ apòògùn. Awọ orí ni kí ẹ fi pa, kì í ṣe irun. Ẹ fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 3 sí 5, kí ẹ tó ṣàn án. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ni, fún ọ̀sẹ̀ 2 sí 4. Ẹ má dirun títí ẹ ó fi parí rẹ̀. Bí kò bá lọ, ẹ jẹ́ kí dókítà awọ ara wò ó. Bó bá jẹ́ orí ọmọdé ni, tí irun ń ré lójú kan, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ làpálàpá, ìyẹn sì ń fẹ́ oògùn mímu.