OR 2 kò sọ 30 di 60

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ìgbèríko Ìjẹ̀bú-Igbó ni mo ti ń ṣèwádìí, bóyá èéfín igi ìdáná nígbà oyún wà lára ohun tó ń fa ọmọ tí kò tó kílò 2.5. Kéèsì 110 péré ni mo rí nínú ìwé ìgbẹ̀bí. Nínú ìyá 100 tí ọmọ wọn tó ìwọ̀n, 30 ló ń fi igi dáná. Odds ratio, ìyẹn OR, tí mo mú jẹ́ 2, pọ́wà, ìyẹn àǹfààní láti rí ìyàtọ̀ náà tó bá wà lóòótọ́, sì jẹ́ 80%. Kéèsì 44 ni ìṣirò mi gbé jáde, ṣùgbọ́n ọ̀gá mi ní kò lè rí bẹ́ẹ̀.

Ìdáhùn: Òótọ́ ni ọ̀gá yín sọ. Ẹ sọ 30 di ìlọ́po méjì, ó di 60, ibẹ̀ ni 44 ti wá. OR kì í sọ iye èèyàn di ìlọ́po méjì. Ohun tó ń sọ di ìlọ́po méjì ni àwọn tó ń fi igi dáná nígbà tí a bá fi wọ́n wé àwọn tí kì í fi í dáná. Lọ́dọ̀ kọ́ńtíróòlù yín, àwọn ìyá tí ọmọ wọn tó ìwọ̀n, 30 ni sí 70. Ẹ fi 70 pín 30, ẹ ó rí 0.43, ìlọ́po méjì rẹ̀ jẹ́ 0.86. Ẹ fi 1.86 pín 0.86 kẹ́ ẹ fi dá a padà sí ìdá ọgọ́rùn-ún: 46 ni. Àlàfo 30 sí 46 kéré gan-an sí ti 30 sí 60, ìdí nìyẹn tó fi ń béèrè èèyàn púpọ̀.

```
p1 = OR*p0 / (1 + p0*(OR-1))
p  = (p1 + r*p0) / (1 + r)
n  = (1 + 1/r) * p*(1-p) * 7.84 / (p1-p0)^2
```

`p0` ni ìdá kọ́ńtíróòlù tó ń fi igi dáná, 0.30, `p1` ni ti kéèsì, `n` ni iye kéèsì, `r` ni iye kọ́ńtíróòlù fún kéèsì kan, 7.84 sì wá láti pọ́wà 80% pẹ̀lú ààlà àṣìṣe 5%. Tó bá jẹ́ kan sí kan, kéèsì 142 lẹ nílò, ẹ ò sì ní tó bẹ́ẹ̀. Méjì sí kan jẹ́ 104. Ó jọ pé ó tó, àmọ́ káàdì kan á sọnù, ìyá mìíràn ò ní rántí ohun tó fi dáná. Tí ẹ bá fi ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún sílẹ̀ fún èyí, ó ti di 116.

Mẹ́ta sí kan ni kí ẹ mú. Kéèsì 90 ni, ó di 100 pẹ̀lú àfikún yẹn, kọ́ńtíróòlù sì jẹ́ 300. Ẹ má lọ sí mẹ́rin: kọ́ńtíróòlù 76 mìíràn lẹ máa fi dín kéèsì 6 péré kù. Kódà mẹ́wàá sí kan ṣì ń béèrè kéèsì 72 láìsí àfikún.

Ohun tó ń kọ mí lóminú ni OR 2 yẹn fúnra rẹ̀. Tó bá jẹ́ 1.5 ni òtítọ́ ọ̀rọ̀, mẹ́ta sí kan á béèrè ju kéèsì 270 lọ, 110 yín ò sì ní lè rí i. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé ìwádìí yín báyìí, kí ẹnikẹ́ni má baà ka àìrí yín sí pé èéfín kò ṣe nǹkan kan.

Abúlé kan náà tí kéèsì ti wá ni kí ẹ ti mú kọ́ńtíróòlù. Bí ẹ bá lọ mú ìyá tó ń lo gáàsì láàárín Ìjẹ̀bú-Òde, 30 yẹn á já sí 10, OR á ga lásán, kọ́ńtíróòlù 1,000 ò sì ní tún un ṣe.