Oríkì kọ́ ni wọ́n pè ọ́ wá kì

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, iléeṣẹ́ kan tó ń ra kajú ní Kábà ti pè mí fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Wọ́n ní ohun tó jẹ àwọn lógún ni kí àgbẹ̀ jèrè iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Báwo ni mo ṣe lè yìn wọ́n tí wọn ò fi ní rò pé mo kàn ń pọ́n wọn lásán?

Ìdáhùn: Òkun o, àbúrò mi. Má yìn wọ́n rárá.

Ohun tó ń tan ẹ̀yin ọ̀dọ́ jẹ ni pé ẹ rò pé bí ẹ bá ti há ohun tí iléeṣẹ́ kọ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì sórí, ẹ ti fi ìfẹ́ hàn nìyẹn. Ẹni tó kọ ọ́ lè wà lára àwọn tó máa bi ọ́ léèrè! Ọmọkùnrin kan wọlé wá bá wa lọ́jọ́ kan, ó ní ìrètí àwọn àgbẹ̀ ni wá. Mo ní, èwo nínú iṣẹ́ wa lo rí? Ó gbójú sókè àjà. Ohun tó sọ bá ẹni tó ń ta ajílẹ̀ mu, ó bá ẹni tó ń ta katakata náà mu. Fi orúkọ iléeṣẹ́ mìíràn sínú gbólóhùn rẹ. Bó bá ṣì wọlé wẹ́kú, dà á nù.

Lọ sídìí ìwọ̀n, níbi tí àwọn olùrà ti ń wọn kajú. Bí kajú bá ti ń bọ́, láti bí oṣù Kejì sí ìkarùn-ún, wàá rí wọn ní Ìyàrà tàbí Ìsánlú. Wo bí olùrà ṣe ń la hóró sí méjì, tó ń ya èyí tó funfun sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tó ti dúdú. Èyí tí wọ́n já kó tó gbó máa ń rún. Èyí tí wọ́n dì ní tútù sínú àpò ọ̀rá máa ń bu. Àgbẹ̀ tó sá tirẹ̀ sóòrùn fún ọjọ́ méjì sí mẹ́ta ti pàdánù ìwọ̀n, torí omi ti gbẹ lára rẹ̀. Bí olùrà bá wá ń san iye kan náà fún tútù àti gbígbẹ, òun fúnra rẹ̀ ló ń kọ́ àgbẹ̀ pé kó má sá a mọ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kan ohun tí wọ́n ní ó jẹ wọ́n lógún nìyí. Béèrè pé: "Ǹjẹ́ ẹ máa ń fi owó kún ti ẹni tó bá sá tirẹ̀ gbẹ? Ta ló ń yẹ̀ ẹ́ wò?" Bó bá jẹ́ iṣẹ́ akọ̀wé lo wá gbà, sọ bí wàá ṣe máa kọ tútù àti gbígbẹ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ sínú ìwé.

Ohùn ẹni tó fẹ́ mọ̀ ni kó o fi béèrè o, má fi ti ọlọ́pàá béèrè. Bí o kò bá débẹ̀, má sọ pé o débẹ̀. Bí kajú ò bá sí lásìkò, bi ẹni tó ń tà á ní ilé yín. Mi ò lè ṣèlérí pé wọn óò gbà ọ́. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá dáhùn, panu mọ́, gbọ́ ọ tán, kí ìbéèrè rẹ kejì sì jáde láti inú ohun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ.