Ṣé àkótán sífíì rẹ bá ohun tí wọ́n ń wá mu?

*Ẹ kú iṣẹ́, mà. Ẹni tó bá mi ṣe sífíì ní Wuse ní kí n da àwọn ọ̀rọ̀ inú ìpolówó iṣẹ́ sínú àkótán tó wà lókè, pé kọ̀ǹpútà ló ń yan èèyàn. Mo ṣe bẹ́ẹ̀, wọn ò pè mí. Mo fi sífíì náà àti ìpolówó iṣẹ́ ránṣẹ́ sí yín. Kí ló kù? Àbúrò yín, Kubwa.*

Àbúrò mi, ìmọ̀ràn yẹn ni wọ́n ń tà láti Nyanya dé Gwagwalada, ó sì ti sú mi. Lóòótọ́, àwọn iléeṣẹ́ kan ń fi kọ̀ǹpútà ṣa ìwé, nítorí náà ó dáa kí ọ̀rọ̀ wọn wà nínú ìwé rẹ. Ṣùgbọ́n èèyàn ni yóò kà á kó tó pè ọ́. Bí onítọ̀hún bá rí i pé ọ̀rọ̀ òun náà lo dá padà fún òun, ẹ̀rí wo ló rí?

Wo ìpolówó rẹ. Iṣẹ́ tí wọ́n kọ́kọ́ kọ ni kí o máa lọ sí àwọn ilé ìwòsàn ní Bauchi lóṣooṣù, kí o fi iye tó wà nínú rẹ́jísítà wé èyí tó wà lórí DHIS2 (ibi tí wọ́n ń kó dátà ìlera sí). Wọ́n dárúkọ DHIS2 lẹ́ẹ̀mẹta. Wọ́n ní èdè Haúsá pọn dandan. Másítà wà nísàlẹ̀ pátápátá, lára ohun tó kàn lè jẹ́ àfikún. Yíyẹ dátà wò, DHIS2, Haúsá: ohun tí wọ́n ń wá gan-an nìyẹn.

Wàyí o, mú bírò, kí o kọ èyí tí gbólóhùn kọ̀ọ̀kan nínú àkótán rẹ dáhùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Aláápọn tó ní másítà" kò dáhùn ìkankan. Èkejì to DHIS2, dátà àti ìròyìn jọ bí orúkọ ọjà, kò sọ ohun tí o fi wọ́n ṣe. Ẹ̀kẹta ní o ń wá ibi tí wàá ti tẹ̀ síwájú. Ìyẹn, ìwọ lo nílò rẹ̀, kì í ṣe àwọn. Haúsá ò sí níbẹ̀ rárá, bẹ́ẹ̀ ojú ewé kejì ló ti hàn pé o ti ṣiṣẹ́ ọdún méjì ní Azare!

Èmi á kọ ọ́ báyìí: "Fún ọdún méjì ní Azare, mo ń yẹ dátà ilé ìwòsàn méjìlá wò lóṣooṣù, mo ń fi rẹ́jísítà wọn wé DHIS2, mo sì ń fi Haúsá ṣàlàyé àṣìṣe fún àwọn nọ́ọ̀sì."

Inú ìwé tìrẹ ni mo ti rí méjìlá yẹn. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, yọ ọ́. Mi ò lè ṣèlérí pé wọ́n á pè ọ́, torí mi ò mọ àwọn tí ẹ jọ ń du iṣẹ́ náà. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá pè ọ́, wọ́n lè bi ọ́ pé: rẹ́jísítà ní ọmọ mọ́kànlélógójì ló gba abẹ́rẹ́, DHIS2 ní mẹ́tàdínlọ́gọ́ta, kí lo máa kọ́kọ́ ṣe? Bí o kò bá lè dáhùn, má kọ ọ́ pé o mọ̀ ọ́n.