Sáfà tó ní "ẹ padà wá" àti sáfà tó ní "kò gbé ibí": ìdáhùn nípa áàpù alájọ

*Ìbéèrè:* "Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹ jọ̀wọ́. Áàpù tí àwọn alájọ wa ní Ṣágámù, Ìkẹ́nẹ́ àti Ìpẹru fi ń kọ owó oníbàárà ránṣẹ́ sí sáfà, ìṣẹ́jú àáyá 5 síra ló máa ń tún un gbìyànjú títí yóò fi lọ. Fóònù 40 ni. Lánàá, iná lọ níbi tí sáfà wà láti aago 5 sí 5:50. Nígbà tí iná dé, sáfà tún ń ṣubú ṣáá. Fóònù kan sì wà tí owó ò kúrò nínú rẹ̀ títí di àárọ̀ yìí. Ṣé kí n sọ 5 yẹn di 60?"

Ẹ má sọ ọ́ di 60. Àìsàn méjì ló ń ṣe áàpù yẹn, oògùn ọ̀kan kì í sì í wo èkejì. Bí ẹ bá lọ kan ilẹ̀kùn nínú agbolé kan ní Ṣágámù, tí ọmọ ilé ní "Bàbá ti lọ sọ́jà, ẹ padà wá", ẹ ó lọ, ẹ ó sì padà. Bó bá ní "Ẹni yẹn ò gbé ibí", àdírẹ́sì ọwọ́ yín lẹ máa tún wò, ẹ ò ní padà sẹ́nu ilẹ̀kùn kan náà lálẹ́. Sáfà yín ń sọ ohùn méjèèjì. Áàpù ni kò gbọ́ ìyàtọ̀ wọn.

Nọ́ńbà tó ń bá èsì bọ̀ lẹ ó fi mọ ohùn tó jẹ́. `502`, `503`, `504`, `429` àti `408`, "ẹ padà wá" ni gbogbo wọn. Bí fóònù ò bá rí sáfà rárá, tàbí tó dúró títí tí èsì ò dé, òun náà wà lára wọn. `400`, `401`, `403`, `404`, `410` àti `422`, "kò gbé ibí" nìyẹn: bí ẹ bá fi nǹkan kan náà ránṣẹ́ nígbà 1,000, èsì kan náà ni yóò dé nígbà 1,000. Ẹ má kàn wo 4 tàbí 5 tó ṣíwájú, torí 4 ló ṣíwájú `429`, onígbà díẹ̀ sì ni, nígbà tí `501` tí 5 ṣíwájú jẹ́ ti pátápátá: sáfà ń sọ pé òun ò mọ irú iṣẹ́ yẹn ṣe.

Ohun tó máa ń sá mọ́ni lọ́wọ́ níbí ni mímọ ẹni tí ìdúró jẹ́ tirẹ̀. Bí sáfà bá ṣubú, gbogbo owó tó wà nínú fóònù ló ṣubú mọ́, nítorí náà aago kan ṣoṣo ni kí fóònù kọ̀ọ̀kan ní, kì í ṣe aago kan fún owó kọ̀ọ̀kan. Bí alájọ kan bá ní owó 30 nílẹ̀, kí áàpù mú ọ̀kan ṣoṣo lọ fi yẹ ọ̀nà wò. Bí ìyẹn bá wọlé, kí 29 tó kù tẹ̀lé e lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí kò bá wọlé, kí gbogbo wọn jọ dúró. Ìkọ̀sílẹ̀ pátápátá ní tirẹ̀, ti owó kan yẹn nìkan ni, kò gbọdọ̀ dí ẹlòmíì lọ́nà.

Ìdúró náà nìyí:

```js
function duro(n, retryAfter = 0) {
  const d = Math.min(300, 5 * 2 ** n);
  return retryAfter + d / 2 + Math.random() * d / 2;
}
```

`n` ni iye ìgbà tó ti kùnà léraléra, láti 0. Òkè ìdúró náà yóò máa di ìlọ́po méjì: ìṣẹ́jú àáyá 5, 10, 20, 40, 80, 160, lẹ́yìn náà 300, kò sì ní kọjá 300 mọ́. Bí ọ̀kan bá ti wọlé, kí `n` padà sí 0. Bí sáfà bá fi `Retry-After` sínú èsì, iye tó sọ ni ẹ ó kọ́kọ́ gbà, kí ẹ tó fi tiyín lé e. Ẹ rántí pé ó lè jẹ́ iye ìṣẹ́jú àáyá, ó sì lè jẹ́ ọjọ́ àti aago, kí kóòdù yín lè ka méjèèjì.

`Math.random()` yẹn kì í ṣe ẹ̀ṣọ́, òun gan-an ni yóò tún ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí iná dé ṣe. Fóònù 40 tó ń kan ilẹ̀kùn ní ìṣẹ́jú àáyá 5 síra, ìgbà 480 ni wọ́n ń kàn án ní ìṣẹ́jú kan. Láàárín ìṣẹ́jú 50, ó di 24,000. Nígbà tí iná dé, sáfà kò tíì jí tán, dátábéèsì ṣì ń ṣí, gbogbo wọn ti wà lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n sì jọ tì í ṣubú padà. Pẹ̀lú `duro` yìí, fóònù kan kò ní gbìyànjú ju nǹkan bí ìgbà 20 lọ láàárín ìṣẹ́jú 50 yẹn, gbogbo fóònù pọ̀ á jẹ́ nǹkan bí 800. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá yọ `Math.random()` kúrò, tí ẹ fi ìlọ́po méjì nìkan sílẹ̀, àwọn fóònù tó kùnà ní ìṣẹ́jú àáyá kan náà ni yóò tún padà dé ní ìṣẹ́jú àáyá kan náà, bí èrò tó jọ bọ́ sílẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì kan. 60 tí ẹ ń bèèrè yẹn, ibẹ̀ ló máa já sí.

Ẹ kọ `n` àti aago ìgbìyànjú tó kàn sínú ìpamọ́ fóònù. Bí fóònù alájọ bá kú lójú ọjà tó sì tún tàn án, tí `n` bá ti bẹ̀rẹ̀ láti 0, ó ti tún di ìṣẹ́jú àáyá 5 nìyẹn.

Kí ẹ tó jẹ́ kí fóònù gbìyànjú ohunkóhun lẹ́ẹ̀kejì, iṣẹ́ kan wà tí ẹ gbọ́dọ̀ ti ṣe tán, mo sì ń bẹ̀ yín pé kí ẹ má fò ó. Bí èsì ò bá dé, kò túmọ̀ sí pé owó ò dé. Ó lè jẹ́ pé sáfà ti kọ ọ́ sílẹ̀, èsì ló sọnù lójú ọ̀nà. Bí fóònù bá tún fi í ránṣẹ́, oníbàárà á ní owó ọjọ́ méjì dípò ọ̀kan. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé owó ọjọ́ kan ni alájọ ń mú lọ́wọ́ oníbàárà ní ìparí oṣù. Àkọsílẹ̀ méjì fún ọjọ́ kan ti jẹ gbogbo èrè tó yẹ kó rí lára ẹni yẹn tán, kò sì ní mọ ibi tó bá lọ.

Nítorí náà, nígbà tí alájọ bá tẹ bọ́tìnnì ni kí áàpù fún owó náà ní orúkọ tirẹ̀ pẹ̀lú `crypto.randomUUID()`, kó sì tọ́jú rẹ̀ pọ̀ mọ́ owó náà. Kì í ṣe ìgbà tó bá fẹ́ ránṣẹ́, torí bí ó bá jẹ́ ìgbà yẹn, ìgbìyànjú kọ̀ọ̀kan á ní orúkọ tuntun, asán sì ni gbogbo rẹ̀. Kí orúkọ náà máa lọ nínú hẹ́dà `Idempotency-Key`. Ní ìhà sáfà, ẹ fi `UNIQUE` sí ibi tí ẹ ń kọ ọ́ sí, kí kíkọ orúkọ àti kíkọ owó wà nínú `BEGIN` àti `COMMIT` kan náà. Bí orúkọ kan náà bá tún dé, kí sáfà dá èsì àkọ́kọ́ padà, kó má fi owó kún un.

Ó ku fóònù tó há. Ẹ wo àkọsílẹ̀ sáfà, ó ṣeé ṣe kí ẹ rí `422` kan náà lọ́pọ̀ ìgbà, pẹ̀lú `id` kan ṣoṣo. Owó kan tí sáfà kò ní gbà láéláé ló wà níwájú, bóyá ti oníbàárà tó ti gba owó rẹ̀ tán tí ẹ sì ti pa orúkọ rẹ̀ dé, gbogbo èyí tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ń retí rẹ̀. Bí áàpù bá ṣe é dáadáa, ohun tí ẹ ó rí á dà bí èyí:

```
17:52:08 POST /ajo 201 id=118
17:52:09 POST /ajo 422 id=119 member_closed
17:52:10 POST /ajo 201 id=120
```

119 gba ìkọ̀sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, 120 kọjá. Ẹ má pa 119 rẹ́ o, owó ẹni tó san án ṣì wà lọ́wọ́ alájọ. Kí áàpù gbé e sí ojú ewé "Tí a kọ̀", pẹ̀lú orúkọ oníbàárà, iye owó, àti ìdí rẹ̀ ní Yorùbá tó yé alájọ: "A ti pa orúkọ oníbàárà yìí dé." Bí alájọ bá tún un ṣe, ó ti di nǹkan mìíràn, ẹ fún un ní UUID tuntun.

`401` kì í ṣe ti owó kan, ti fóònù lódidi ni. Kí áàpù gbìyànjú láti gba tókìnì tuntun lẹ́ẹ̀kan péré. Bí kò bá rí i gbà, kó dá gbogbo ìránṣẹ́ dúró, kó sì ní kí alájọ tún wọlé. Bí `/ajo` fúnra rẹ̀ bá ń dá `404` padà, àdírẹ́sì sáfà ló ti yí, ẹ dá gbogbo rẹ̀ dúró bẹ́ẹ̀ náà.

`500` ló ṣòro jù, torí ó lè jẹ́ ti sáfà, ó sì lè jẹ́ owó kan tó ń gbé kóòdù yín ṣubú, bí orúkọ tí àmì inú rẹ̀ kò bá dátábéèsì lára mu. Bí owó kan bá gba `500` nígbà 3, ẹ gbé èyí tó tẹ̀ lé e lọ wò. Bí ìyẹn bá wọlé, àbùkù wà lára ti àkọ́kọ́, ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ fún ẹni tó ń kọ kóòdù. Bí ìyẹn náà bá gba `500`, sáfà ni, ẹ padà sórí aago.

Ti onígbà díẹ̀, ẹ má fi òpin sí ìgbìyànjú rẹ̀, torí owó ni, a kì í dà á nù. Ṣùgbọ́n bó bá ti pé wákàtí 2, kí àmì pupa hàn lójú fóònù, kí alájọ mọ̀ pé ohun tó kọ kò tíì dé ọ́fíìsì, kó tó lọ sílé.

Kí ẹ tó fi sí fóònù 40, ẹ fi 3 dán an wò. Ẹ pa sáfà fún ìṣẹ́jú 10, kí ẹ kọ owó 20 sórí fóònù kọ̀ọ̀kan, kí ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ti oníbàárà tí ẹ ti pa orúkọ rẹ̀ dé. Ẹ tan sáfà padà, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 6. Owó 57 ló gbọ́dọ̀ wà nínú dátábéèsì, kí 3 wà ní "Tí a kọ̀", kí `422` 3 péré sì wà nínú àkọsílẹ̀ sáfà. Bí ẹ bá rí 58, tí 3 sì wà ní "Tí a kọ̀", ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé UUID yín ń yí padà nígbà tí fóònù ń tún ránṣẹ́.