Àbá tí a kò kọ̀ kì í ṣe àbá tí a ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́, wọ́n ní ìpíndọ́gba omi tí ẹ̀rọ kan ń rọ sínú ìgò jẹ́ mílílítà 500. Mo wọn ìgò 25: ìpíndọ́gba wọn jẹ́ 496, ìyapa wọn, ìyẹn bí ìgò kọ̀ọ̀kan ṣe sábà máa ń jìnnà sí ìpíndọ́gba, jẹ́ 10. Ìdánwò t kò jẹ́ kí n kọ àbá pé 500 ni, ìyẹn ni pé kí n sọ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ṣé kí n wá kọ ọ́ sínú ìwé pé 500 ni lóòótọ́?

Ìdáhùn: Ẹ má kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ rárá. Àṣìṣe yìí wọ́pọ̀ débi pé ó ń dùn mí, nítorí ìṣirò gan-an ni ó tako ohun tí ẹ fẹ́ kọ.

Àbá ìpìlẹ̀, tí a ń pè ní H0, sọ pé ìpíndọ́gba gbogbo ìgò tí ẹ̀rọ náà ń rọ jẹ́ 500. Èyí tó dojú kọ ọ́ sọ pé kò rí bẹ́ẹ̀, ì báà dín, ì báà lé. Kí a tó wọn ìgò kankan ni ó yẹ kí a ti pinnu ewu tí a fara mọ́ pé a lè kọ H0 nígbà tó jẹ́ òótọ́, èyí tó sábà máa ń jẹ́ ìdá 5 nínú 100. Lẹ́yìn náà ni a ó ṣírò báyìí:

```
t = (496 - 500) / (10 / √25) = -4 / 2 = -2
```

Iye 2 tó wà nísàlẹ̀ ni ìwọ̀n bí ìpíndọ́gba ìgò 25 ṣe sábà máa ń yà sí ìpíndọ́gba tòótọ́. Nítorí pé inú ìgò 25 kan náà ni a ti rí ìyapa 10, tábìlì t ni a ó wò, ní ìlà 24, ìyẹn 25 dín 1, níbi tí ààlà tí t gbọ́dọ̀ kọjá kí a tó kọ H0 ti jẹ́ 2.064, kì í ṣe 1.96 tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ há sórí. Bí a bá yọ àmì òdì kúrò, 2 kò dé ààlà yìí, a kò sì kọ H0.

Ẹ wá fi ìgò kan náà dán 493 wò. Ohun tí ẹ ó rí ni 3 tí a fi 2 pín, ìyẹn 1.5, a kò sì ní lè kọ ìyẹn náà. Ṣé ìpíndọ́gba ẹ̀rọ kan ṣoṣo lè jẹ́ 500 kí ó tún jẹ́ 493? Gbogbo iye tó wà láti 491.9 dé 500.1 ni yóò yege ìdánwò yìí, 500 sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ síta. Ká ní ìgò 100 ni ẹ wọ̀n, tí ìpíndọ́gba àti ìyapa kò sì yí padà, t ì bá jẹ́ -4, ẹ ì bá sì ti kọ H0.

Ohun tí ẹ lè kọ ni pé ìgò 25 náà kò pèsè ẹ̀rí tó láti sọ pé ìpíndọ́gba yàtọ̀ sí 500, kí ẹ sì fi 491.9 sí 500.1 tì í. Èyí náà dúró lórí pé ẹ ṣa àwọn ìgò náà láìṣe ojúsàájú, pé ẹ kò kàn kó 25 tó tẹ̀ léra, àti pé kò sí èyí tó yàtọ̀ gédégédé láàárín wọn. Èmi kò rí ìwọ̀n ìgò kọ̀ọ̀kan, nítorí náà n kò lè jẹ́rìí sí ìyẹn.